Kaṣẹ́ Kò Lọ́wọ́ Tí Yóò Fi Fọwọ́ Síwèé

Ẹni tó bá fẹ́ kaṣẹ́ ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́ kò ní rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò bá a ṣe é. Yóò kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sórí bébà, yóò san owó, wọn yóò sì gbé e lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹni tó ń ṣe kaṣẹ́ ń ṣe, kì í ṣe adájọ́. Kò sí ohun tó kàn án bóyá ẹni tó wá gbà á ni olórí ilé-iṣẹ́ náà tàbí ẹni tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ lánàá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn wá sílé, ohun tí ojú ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń wá ni àmì róbótó aláwọ̀ búlúù yẹn. Bí a bá ti rí i, ọkàn wa á balẹ̀. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ọlọ́jà pé: “Kaṣẹ́ wà níbẹ̀, ó ti parí.”

Kò tíì parí. Nínú abala wa ti oṣù yìí, a fẹ́ tọ́ka sí ibi tó yẹ kí ojú wa kọ́kọ́ lọ, ìyẹn orúkọ àti ipò ẹni tó fọwọ́ síwèé.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún tó jọ ń lo òfin ìṣòwò kan náà, èyí tí a mọ̀ sí òfin OHADA. Òfin ìṣọ̀kan lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣòwò, tí wọ́n tún ṣe ní Wagadúgù ní ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 2014, ni a ń lò báyìí. Òfin yìí kò sọ níbì kankan pé àdéhùn kò lè de ilé-iṣẹ́ àfi bí kaṣẹ́ bá wà lórí rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé ta ló fọwọ́ sí i, àti pé kí ni ipò onítọ̀hún. Bí ẹni tó ní àṣẹ bá fọwọ́ síwèé láìtẹ kaṣẹ́, ìwé náà de ilé-iṣẹ́. Bí ẹni tí kò ní àṣẹ bá tẹ kaṣẹ́ mẹ́wàá sí i, kaṣẹ́ mẹ́wàá náà kò sọ ọ́ di aláṣẹ. A kò sọ pé kaṣẹ́ kò wúlò. Ó ń jẹ́ kí a tètè ka orúkọ ilé-iṣẹ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀, báńkì àti àwọn ọ́fíìsì ìjọba sì máa ń béèrè rẹ̀ nítorí àṣà iṣẹ́ wọn. Bí ẹjọ́ bá dé, ó tún lè jẹ́ ẹ̀rí kékeré kan láàárín àwọn ẹ̀rí mìíràn. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ jẹ́ ẹni kan lójú òfin, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ́wọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ ni. Ènìyàn ní láti yá a lọ́wọ́. Nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ SARL sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, irú èyí tó pọ̀ jù lọ láàárín àwọn oníṣòwò kéékèèké wa, alákòóso tí ìwé Faransé ń pè ní jeráǹ ni òfin fún ní ọwọ́ yẹn. Nínú SA, dirẹ́tọ̀ jẹ́nẹ́rà tàbí ààrẹ tó tún jẹ́ dirẹ́tọ̀ jẹ́nẹ́rà ni. Nínú SAS, ààrẹ ni. Àwọn wọ̀nyí kò nílò ìwé àṣẹ pàtàkì kan kí wọ́n tó lè fọwọ́ síwèé lórúkọ ilé-iṣẹ́. Abala 121 òfin náà sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, ó sì fi ohun kan kún un tó yẹ kí gbogbo ọlọ́jà mọ̀: bí ìwé ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ bá dín agbára olórí kù, ará ìta tí kò mọ̀, tó sì fi òótọ́ inú bá wọn ṣòwò, kò ní jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Àwọn onílé-iṣẹ́ lè jókòó láàárín ara wọn, kí wọ́n kọ ọ́ pé jeráǹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohun tó ju mílíọ̀nù márùn-ún fráǹkì lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Bí jeráǹ náà bá wá fọwọ́ sí àdéhùn mílíọ̀nù mẹ́jọ pẹ̀lú yín, ilé-iṣẹ́ yóò san mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ àárín wọn ni ti mílíọ̀nù márùn-ún. Wọ́n lè bínú sí i, wọ́n lè lé e, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi kọ́ yín lọ́rùn. Abala 122 tilẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ohun tí olórí fọwọ́ sí kò bá sí lára iṣẹ́ tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún, ó ṣì de ilé-iṣẹ́, àfi bí wọ́n bá fi ẹ̀rí hàn pé ẹ mọ̀, tàbí pé kò sí bí ẹ kò ṣe lè mọ̀. Wọn kò sì lè sọ pé “a ti tẹ ìwé ìdásílẹ̀ wa jáde, ẹ̀yin ni ẹ kò kà á.” Òfin ní ìyẹn nìkan kò tó.

Báwo ni a ṣe ń mọ olórí? A kì í mọ̀ ọ́n nípa mọ́tò tó gùn wá. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá òfin mu ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìṣòwò tí a ń pè ní RCCM. Ẹ lè béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀ tí kò tíì pẹ́, kí ó má ju oṣù mẹ́ta lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn báńkì. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí orúkọ ilé-iṣẹ́, irú ilé-iṣẹ́ tó jẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó jẹ́ jeráǹ. Bí wọ́n bá yan olórí tuntun, tàbí tí wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá lé jeráǹ kúrò tí wọn kò kọ ọ́, tí onítọ̀hún wá bá yín ṣe àdéhùn ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé-iṣẹ́ kò lè jí lójijì kó sọ pé “kì í ṣe ẹni wa mọ́” fún ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ti lé e.

Ibi tí wàhálà ti pọ̀ jù kì í ṣe ọ̀dọ̀ jeráǹ, nítorí jeráǹ kì í sábà wá sí oko. Aṣojú ló máa ń wá: ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ ra ọjà, ẹni tó ń tà fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé báàgì kọ́ èjìká tí kaṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìlànà ti ẹni yìí yàtọ̀. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òfin kò fún aṣojú ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rán an nìkan ló lè fi de ẹni tó rán an. Bí ó bá kọjá ààlà iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ìwé tó fọwọ́ sí kò de ilé-iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì de ará ìta tó bá a ṣe é. Àmọ́ òfin ìṣọ̀kan lórí ìṣòwò gbogbogbòò, èyí tí wọ́n tún ṣe ní Lómé ní ọjọ́ 15, oṣù kejìlá, ọdún 2010, fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: bí ó bá jẹ́ ìwà ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló mú kí ará ìta gbàgbọ́, pẹ̀lú òótọ́ inú àti làákàyè, pé aṣojú náà ní àṣẹ, ilé-iṣẹ́ kò lè sọ lẹ́yìn náà pé kò ní i.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ká ní àwọn ìyá kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ta àgbàdo bá ilé-iṣẹ́ SARL kan ní Kútọnu ṣe àdéhùn, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Àgbàdo tọ́ọ̀nù ogójì ni, ìyẹn irínwó àpò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún kílò. Igba fráǹkì ni kílò kan. Gbogbo owó náà jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ fráǹkì. Wọ́n san mílíọ̀nù méjì ṣáájú, wọ́n sì kọ ọ́ pé mílíọ̀nù mẹ́fà tó kù yóò wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà bá dé. Ọkùnrin tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ra ọjà ló fọwọ́ síwèé, ó sì tẹ kaṣẹ́ sí i. Nígbà tí olórí àwọn ìyá náà béèrè nípa ọ̀gá rẹ̀, ó dáhùn pé: “Ẹ má ṣèyọnu, màmá. Kaṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nìyí.”

Ọjọ́ ọgbọ̀n pé, owó kò wọlé. Nígbà tí wọ́n kàn sí Kútọnu, jeráǹ sọ ohun mẹ́ta. Ó ní ọkùnrin náà kò láṣẹ láti ra ọjà tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ó ní òun kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Ó tún ní ọkùnrin náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kaṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìgba àyè.

Ẹ wo bí èsì yóò ṣe yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ká ní ọkùnrin yìí kan náà ti ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn ìyá náà ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun ló fọwọ́ síwèé nígbà méjèèjì, ilé-iṣẹ́ sì san gbogbo owó náà láti inú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì. Ká ní inú àkáǹtì yẹn náà ni mílíọ̀nù méjì ti ọdún yìí ti wá. Ká ní irínwó àpò náà wọ inú ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́, tí olùtọ́jú ibẹ̀ kà á, tó sì fọwọ́ sí ìwé ìgbọjà. Nígbà náà, gbogbo ohun tó mú kí àwọn ìyá gbàgbọ́ pé ọkùnrin náà láṣẹ ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ wá. Ààlà mílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n pa láàárín ara wọn láì sọ fún ẹnikẹ́ni kò lè gbà wọ́n. Bí wọ́n bá tún ti gba àgbàdo náà, tí wọ́n mọ ibi tó ti wá, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ fún adìyẹ, ìyẹn tún jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ti gba iṣẹ́ aṣojú náà wọlé lẹ́yìn tó ṣe é. Òfin sì gbà pé ẹni tó rán aṣojú lè fi ọwọ́ sí ohun tí aṣojú ṣe kọjá ààlà. Mílíọ̀nù mẹ́fà náà tọ́ sí àwọn ìyá wọ̀nyí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ká yí àpẹẹrẹ náà padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọn yóò rí ọkùnrin náà. Mílíọ̀nù méjì náà ti inú mómò tirẹ̀ wá, orúkọ rẹ̀ ló hàn lórí fóònù. Ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára, ni wọ́n já àpò àgbàdo sí. Kaṣẹ́ náà ni kaṣẹ́ kan náà. Bébà ni bébà kan náà. Àmọ́ níbí, ilé-iṣẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Aṣojú nìkan ló ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Àṣẹ tí aṣojú fi ẹnu ara rẹ̀ kéde kì í ṣe ìwà ilé-iṣẹ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni àwọn ìyá lè bá ṣẹjọ́. Òfin ní ẹni tó ṣe aṣojú láìláṣẹ gbọ́dọ̀ san àdánù fún ará ìta tó fi òótọ́ inú gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sá lọ kò rọrùn láti gba mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ìbá dín ewu náà kù kò ju bébà méjì lọ. Ọ̀kan ni ẹ̀dà RCCM, tó fi hàn ẹni tí jeráǹ jẹ́. Èkejì ni ìwé àṣẹ tí jeráǹ yẹn fọwọ́ sí, tó sọ orúkọ aṣojú, irú ọjà tó lè rà, iye owó tí kò gbọdọ̀ kọjá, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí. Kí orúkọ tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ bá orúkọ inú RCCM mu. Bí aṣojú bá ní “màá mú un wá lọ́la”, kí ọjà náà dúró dè é títí di ọ̀la. Kí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá náà sì ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ìbéèrè kan náà ni ilé-iṣẹ́ lè bi wọ́n.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ ìlà tí a ń fọwọ́ sí. Ó yẹ kó rí báyìí: “Fún ilé-iṣẹ́”, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀ ní kíkún, SARL, nọ́ńbà RCCM rẹ̀, lẹ́yìn náà “láti ọwọ́”, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ipò rẹ̀. Bí orúkọ Bàbá Làkásègbè nìkan bá wà níbẹ̀, láìsí orúkọ ilé-iṣẹ́ lókè rẹ̀, ẹnìkan lè jà á pé Bàbá Làkásègbè fúnra rẹ̀ ló jẹ gbèsè náà. Èyí kàn ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ gan-an. Títí tí ilé-iṣẹ́ yín yóò fi wọ inú RCCM, kò tíì sí ẹni náà lójú òfin. Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ síwèé lórúkọ rẹ̀ ni gbèsè náà wà lọ́rùn yín pọ̀, àfi ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti fìdí múlẹ̀ tó sì gba àdéhùn náà sọ́rùn ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí lẹ́tà méjì, P.O., níwájú ìbuwọ́lù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ló fọwọ́ sí i nípa àṣẹ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ béèrè bébà àṣẹ náà. Lẹ́tà méjì kì í ṣe bébà.

Àwọn tó ń ná ọjà Ìlárá, tí ààlà là kọjá, máa ń bá ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ṣòwò, ìlànà tibẹ̀ sì yàtọ̀ nítorí Nàìjíríà kò sí nínú OHADA. Nígbà òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1990, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ ní èdìdì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ bébà títí orúkọ yóò fi wú sókè lára rẹ̀. Òfin tuntun ti ọdún 2020 mú dandan náà kúrò. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lè ní èdìdì, èyí tí kò fẹ́ kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ń sọ fún yín lónìí pé ìwé ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kò dára nítorí pé kò sí èdìdì lára rẹ̀, òfin àná ló ń sọ. Àdéhùn ọjà lásán kò nílò ju ìbuwọ́lù ẹni tó láṣẹ lọ. Ìwé tó wúwo, bí irú èyí tí a fi ń gbé ilẹ̀ fúnni, ni ó ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí olùdarí méjì fọwọ́ sí i, tàbí olùdarí kan àti akọ̀wé ilé-iṣẹ́, tàbí olùdarí kan níwájú ẹlẹ́rìí tí yóò fọwọ́ sí i pé òun rí i.

Ẹlẹ́rìí yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kéré ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ, ó sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ṣe onídùúró, kò sì jẹ́rìí pé ohun tó wà nínú ìwé dára. Ohun tó ń sọ ni pé ojú òun ló ṣe nígbà tí ọwọ́ yẹn kọ orúkọ yẹn. Ìdí nìyí tó fi ń kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ̀, kí a lè wá a kàn bí ẹni náà bá sẹ́ lọ́la. Ìwé tí wọ́n gbé lọ bá ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ kejì, “jọ̀ọ́ ẹ bá wa fọwọ́ sí i”, kò ní ẹlẹ́rìí, bí orúkọ mẹ́ta tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àdéhùn ìṣòwò láàárín oníṣòwò kò nílò ẹlẹ́rìí kó tó múlẹ̀. Àmọ́ ibì kan wà tí òfin ti béèrè ẹlẹ́rìí méjì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń pe àwọn ìyá àti bàbá wa. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọmọ bá fẹ́ yáwó, báńkì máa ń ní kí òbí kan ṣe onídùúró. Òfin ìṣọ̀kan lórí ohun ìdúró, èyí tí wọ́n ṣe ní Lómé ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìṣòwò gbogbogbòò, sọ ní abala 14 pé onídùúró gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó pọ̀ jù tí òun dúró fún, ní ọ̀rọ̀ àti ní nọ́ńbà. Ẹni tí kò lè kọ̀wé ni a ó fi ẹlẹ́rìí méjì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn méjèèjì yóò jẹ́rìí pé òun ni, pé ó wà níbẹ̀, àti pé wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí ìwé náà jẹ́ àti ohun tó lè mú bá a fún un. Bí wọ́n bá gbé inkì wá fún ìyá yín láti tẹ àtàǹpàkò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé àwọn ẹlẹ́rìí méjì náà dà, àti pé èdè wo ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ fún un.